Ẹ Má Sọ Ìjàpá Di Oníwàásù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Àwọn Alárékérekè Inú Àlọ́

Olè ni Ìjàpá. Òpùrọ́ ni, ọ̀kánjúwà ni, aláìmoore sì tún ni. Kò sí èèwọ̀ tí wọ́n kà fún un tí kò ní í jẹ. Síbẹ̀, òun náà ni àwọn àgbà máa ń mú wá sáàárín ọmọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí wọn á ní àwọn ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Akan ilẹ̀ Gánà ní Ànáńsè aláǹtakùn. Àwọn Nàfáhò, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní Kòyótì, ẹranko ìgbẹ́ kan tó jọ ajá. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ní Ehoro. Arúfin ni gbogbo wọn, olùkọ́ sì ni gbogbo wọn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá rú lójú máa ń gba ọ̀nà àbùjá. Á ní torí pé ìyà máa ń jẹ arúfin níkẹyìn ni wọ́n ṣe ń fi kọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ parí. Ibi tí ìwà àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí pé ẹni tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa gé àlọ́ kúrú, tí yóò máa lẹ ìparí tuntun mọ́ ọn, tí yóò sì máa fi ẹ̀kọ́ sí i bí ẹni fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ìwé ọmọdé kún fún irú ẹ̀. Kíláàsì kún fún un. Àwa òbí náà kò sì mọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀kọ́ dí ẹnu àlọ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni "ìtàn yìí kọ́ wa pé". Àlọ́ parí, olùkọ́ gbẹ́nu lé e: ìtàn yìí kọ́ wa pé kí a má ṣe ọ̀kánjúwà. Àwọn ọmọ á pariwo "bẹ́ẹ̀ ni sà", wọn á sì dìde. Kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ, àmọ́ ohun tó kéré jù nínú àlọ́ náà ló mú, ó fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àlọ́ Ìjàpá àti aséjẹ, èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Yánníbo kò rí ọmọ bí. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ títí, Ìjàpá gba ọ̀dọ̀ babaláwo lọ. Babaláwo se aséjẹ, ó gbé e fún un, ó sì kìlọ̀: Yánníbo nìkan ni kó jẹ ẹ́, ìwọ tí o gbé e kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìjàpá dé ọ̀nà, òórùn ọbẹ̀ ń dà á láàmú. Ó ṣí i wò. Ó fọwọ́ kàn án, ó tọ́ ọ lá. Kí ó tó mọ̀, ó ti jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó sáré padà lọ bá babaláwo, orin ló sì mú lọ.

Orin yẹn gan-an ni olùkọ́ inú àlọ́. Ẹ fara balẹ̀ wo bí Ìjàpá ṣe tò ó. Ó kọ́kọ́ ní òun wá bẹ̀bẹ̀ ni, òótọ́ sì ni. Lẹ́yìn náà ló wá ka òfin náà fúnra rẹ̀, pé babaláwo ní kí òun má mà fọwọ́ kẹnu, kí òun má mà fẹsẹ̀ kẹnu. Òótọ́ ni ìyẹn náà, ó sì ti fi hàn pé kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe é. Ibẹ̀ ló wá ti ki irọ́ bọ̀ ọ́: "Gbòǹgbò ló yọ̀ mí gẹ̀rẹ̀." Ó ní òun ṣubú ni, ọwọ́ òun kan ọbẹ̀, òun sì mú un kan ẹnu. Kó tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni á bi í nípa gbòǹgbò yẹn, ó ti padà sórí òótọ́: òun bojú wo ikùn, ó rí gbẹ̀ǹdu. Ta ló máa jiyàn ikùn tó wú síta?

Gbogbo ìlà orin yìí, àti èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó jẹ́ irọ́, "alugbinrin" kan náà ni àwọn ọmọ fi ń gbè é. Wọ́n mọ̀ pé kò sí gbòǹgbò kankan lójú ọ̀nà, torí pé ẹni tó ń pàlọ́ ti sọ fún wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ kí Ìjàpá tó la ẹnu. Síbẹ̀ ẹnu tiwọn ni wọ́n fi ń bá a gbe irọ́ náà. Ọmọ tó bá gbe orin yẹn lẹ́ẹ̀mélòó kan ti kọ́ ohun tí ìwàásù kò lè kọ́ ọ. Ó ti rí i bí ẹni tó jẹ̀bi ṣe ń tọrọ àforíjì: ó gba ẹ̀ṣẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gba ìyà ní ìparí, ó sì fi àwáwí pamọ́ sáàárín. Lọ́jọ́ tí òun alára bá fọ́ àwo, tó sì fẹ́ sọ pé ẹ̀fúùfù ló tì í, ó mọ orin tó ń kọ.

Bí àlọ́ yìí ṣe ń parí kò dọ́gba. Níbòmíràn babaláwo fún un ní ẹ̀rọ̀, níbòmíràn ikùn rẹ̀ bẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ba ẹ̀kọ́ jẹ́, torí pé ẹ̀kọ́ ti kọjá kó tó débẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọlé, ẹ dá orin dúró kí ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé gbòǹgbò ló yọ̀ ọ́ lóòótọ́?" Bí wọ́n bá pariwo "Irọ́ ni!", tí ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́, àlọ́ ti ṣiṣẹ́. Ẹ má wá sọ ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ kéde pé ọ̀kánjúwà kò dára ti gba ìdájọ́ lọ́wọ́ ọmọ, kò sì sí ohun tí ọmọ máa fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe mọ́ ju pé kó gbà lọ.

Àwọn ìwé kan tilẹ̀ yọ orin kúrò pátápátá nítorí pé ó ń gba àyè, wọ́n ní "Ìjàpá padà lọ bẹ babaláwo." Gbólóhùn kan péré ló rọ́pò gbogbo ohun tí mo ń tò láti òkè.

Ẹ má fi ipá jẹ Ìjàpá níyà

Èyí ni àṣìṣe tí àwọn tó ń ṣe ìwé àti fíìmù fún ọmọdé fẹ́ràn jù. Wọ́n gbà pé bí arúfin kò bá jìyà, ọmọ á fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Nítorí náà, bí àlọ́ kò bá ní ìyà, wọ́n á fi ìyà sí i.

Ẹ gbé àlọ́ Ajá àti Ìjàpá yẹ̀ wò bí wọ́n ti ń pa á níbi púpọ̀. Ìyàn mú, àwọn méjèèjì lọ jí iṣu wà lóko olóko. Ajá mú ìwọ̀nba tí apá rẹ̀ ká, ó fẹ́ máa lọ. Ìjàpá kó títí ẹrù fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò lè rìn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pé kí Ajá dúró ran òun lẹ́rù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á ké sí olóko, kí wọ́n gbé àwọn méjèèjì dè. Ajá sá lọ. Olóko gbọ́, ó mú Ìjàpá, Ìjàpá sì ka orúkọ Ajá. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé Ajá, ó ti dáná, ó ti daṣọ bora, ó ti fi ẹyin sẹ́nu. Wọ́n bi í léèrè, ó ní ara òun kò yá láti àárọ̀, ó fọ́ ẹyin mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bì. Wọ́n gbà á gbọ́. Ìjàpá nìkan ló forí fá a.

Wàyí o, bí ẹ̀kọ́ àlọ́ yìí bá jẹ́ pé kí a má jalè, báwo ni a ṣe fẹ́ ṣe ti Ajá? Ó jalè. Ó purọ́. Ó fi irọ́ rẹ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà fún ohun tí àwọn méjèèjì jọ ṣe. Ó sì sùn sílé rẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí nípa fífi abala ẹyin sílẹ̀, tí olóko fi mú àwọn méjèèjì. Ó dà bíi pé ó tún un ṣe, àmọ́ ó ti sọ ọ́ di àlọ́ mìíràn, èyí tí kò ní ohun tuntun kankan láti sọ fún ọmọ tó ti gbọ́ "má jalè" láti ìgbà tó ti ń rá.

Ohun tí àlọ́ náà fẹ́ kí a fi ọkàn sí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín olè méjì. Ọ̀kan mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ìkejì kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan mọ ìgbà tó yẹ kó lọ, ìkejì ń halẹ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí ẹrù tí kò sẹ́ni tó ní kó dì. Ìhàlẹ̀ yẹn, "bí o kò bá ràn mí lọ́wọ́, n ó kó bá ọ", ni orin gbé léwọ́, òun sì ni àwọn ọmọ máa ń kọ lọ sílé. Ọmọ tó bá ti ní ọ̀rẹ́ tó ń fa àwọn ẹlòmíràn sínú wàhálà mọ ohùn yẹn dáadáa. Bí ó bá wá béèrè pé kí ló dé tí Ajá kò jìyà, ìbéèrè gidi ló béèrè, kò sì yẹ kí a fi ìdáhùn kánjúkánjú pa á. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ àlọ́ náà kì í fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan á ní Ajá gbọ́n, àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Àríyànjiyàn yẹn wà lára ohun tí wọ́n pàlọ́ fún.

Àwọn àlọ́ kan tún wà tí Ìjàpá ti borí pátápátá. Ó tan Erin pé wọ́n fẹ́ fi í jọba, ó fi orin àti ìjó mú un wọ ìlú, Erin jókòó sórí ẹní tí wọ́n tẹ́ bo kòtò, ó já sínú rẹ̀, wọ́n sì pa á. Wọ́n yin Ìjàpá, wọ́n fún un lẹ́bùn. Kò sí ìyà fún un níbẹ̀ rárá, torí pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Erin ni. Ẹni tó tóbi tó báyẹn, tí kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí àwọn ènìyàn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ fi fẹ́ sọ ọ́ di ọba wọn lójijì! Ìjàpá níbí yìí dà bí òkúta tí wọ́n fi ń dán góòlù wò: Erin ni a fẹ́ mọ̀ bó ti rí. Bí ẹ bá lọ fi ìyà jẹ Ìjàpá ní ìparí, ojú àwọn ọmọ á kúrò lára Erin.

Ẹ má rú òfin tí olùgbọ́ kò mọ̀

Kí a tó lè rẹ́rìn-ín ẹni tó rú òfin, a ní láti mọ òfin náà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ òun ló ń pa àlọ́ ilẹ̀ òkèèrè lára jù.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Winibégò ní Amẹ́ríkà, tí onímọ̀ Paul Radin tẹ ìtàn alárékérekè wọn jáde ní 1956. Wakdjunkaga ni orúkọ alárékérekè náà. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ báyìí: Wakdjunkaga, tó jẹ́ olóyè, se àsè ogun, ó pe àwọn èèyàn jọ. Kí àsè tó parí, òun tó pè wọ́n ti dìde lọ. Wọ́n wá a lọ, wọ́n bá a lọ́dọ̀ obìnrin. Ó tún àsè náà se lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Níkẹyìn ó jáde lọ sógun, ó fọ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fẹ́ wọ̀, ó ba ẹrù mímọ́ tí wọ́n ń gbé lọ sógun jẹ́, àwọn tó tẹ̀ lé e sì fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan.

Ka èyí fún ẹni tí kò mọ àwọn Winibégò, á ní wèrè kan ló ṣe bó ti wù ú. Àmọ́ lójú wọn, gbogbo ìgbésẹ̀ yẹn lòdì. Olóyè irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sógun rárá. Ẹni tó se àsè ogun ló yẹ kó kẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sógun kò gbọdọ̀ súnmọ́ obìnrin. Nítorí náà, bí ẹ bá to gbogbo àṣìṣe rẹ̀ jọ, tí ẹ sì yí wọn padà sí òdì kejì, ìlànà bí àwọn Winibégò ṣe ń lọ sógun ni ẹ máa rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Èyí ni ọ̀kan nínú ìdí tí arúfin fi lè jẹ́ olùkọ́ àní níbi tí kò sí ìyà kankan. Òfin tí gbogbo èèyàn ń pa mọ́ kì í hàn síta. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí àwọn àgbà sì bú sẹ́rìn-ín, ọmọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn á wòye pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún olùgbọ́ tuntun, ó di dandan kó gbé òfin náà jáde kí alárékérekè tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe nínú àlàyé ọ̀rọ̀ ìṣáájú, inú ìtàn gan-an ni. Ẹ kíyè sí i pé àlọ́ aséjẹ ṣe é fúnra rẹ̀: babaláwo kìlọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, Ìjàpá tún un kà nínú orin. Kò sí ọmọ tí òfin náà máa ṣókùnkùn sí. Àmọ́ ìtàn Wakdjunkaga gbójú lé e pé olùgbọ́ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbẹ nígbà tó bá kúrò nílé.

Ẹ má fa àlọ́ yọ kúrò nínú ọgbà rẹ̀

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nípa àwọn ìtàn arúfin wọ̀nyí ni bí òfin ṣe yí wọn ká tó. Lọ́dọ̀ Yorùbá, èèwọ̀ ni kí a máa pàlọ́ lọ́sàn-án gangan. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣí i, "Àlọ́ o!", "Àlọ̀!", ó sì ní bí wọ́n ṣe ń tì í: kí agogo ẹnu apàlọ́ má ròó bí ó bá purọ́, pó, pó, pó. Rattray, òyìnbó tó tẹ ìwé àlọ́ àwọn Aṣáńtì, ọ̀kan nínú àwọn Akan, jáde ní 1930, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n ń sọ ọ́, apàlọ́ á sì kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn kò ní i lọ́kàn pé òótọ́ ni ohun tí àwọn fẹ́ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu gbà wọ́n láyè. Wọ́n lè fi olóyè ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n lè fi Nyame tó ni ọ̀run ṣe ẹ̀fẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán wò lójú ọ̀sán. (Tiwa ń búra pé òun kò purọ́, tiwọn ń kéde pé òun fẹ́ purọ́. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.)

Ọgbà yìí ló ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ohun tí Ìjàpá ṣe nínú àlọ́, inú àlọ́ ló ń gbé. Bí ẹ bá wó ọgbà náà, tí ẹ wá ń gbé àlọ́ sórí ẹ̀rọ kó máa sọ ara rẹ̀ láàárọ̀ lọ́sàn-án, láìsí ẹni tó ń gbè é, kó má yà yín lẹ́nu bí ọmọ bá mú olè jíjà níbẹ̀ tó sì fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìbẹ̀rù àwọn òbí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù nínú àwọn tí mo mọ̀ ni Barre Toelken, onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu ará Amẹ́ríkà, tó gba ohùn baba Nàfáhò kan tí wọ́n ń pè ní Yellowman sílẹ̀ láti 1966. Ìtàn Kòyótì ni baba náà máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà òtútù, torí pé èèwọ̀ ni lásìkò mìíràn. Nínú ọ̀kan, Kòyótì ń yọ ojú ara rẹ̀ jù sókè fún eré títí tí wọn kò fi padà wá mọ́, ó sì fi oje igi ṣe ojú mìíràn. Nígbà tí Toelken bi Yellowman léèrè ìdí tó fi ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, ó ní bí àwọn ọmọ òun bá gbọ́ ọ, wọ́n á di èèyàn gidi; bí wọn kò bá gbọ́ ọ, wọ́n á di ẹni burúkú. Ó tún bi í pé kí ló dé tí Kòyótì fi ń ṣe gbogbo ohun tó ń ṣe. Baba náà dáhùn pé bí kò bá ṣe wọ́n, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kò ní í ṣeé ṣe láyé.

Mo gbà pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ jù báyìí lọ. Kò ní Kòyótì dára, kò ní ó burú. Ohun tó ń sọ ni pé nípasẹ̀ rẹ̀ ni a fi ń rí gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe, rere àti ibi, láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi ara wa dán an wò. Toelken gba ẹ̀kọ́ náà débi pé nígbà tí Yellowman ti kú, ó dá àwọn téèpù ohùn náà padà fún opó rẹ̀ ní 1997. Kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé ìgbà òtútù nìkan ni àwọn tó bá ń lò wọ́n á máa gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ kan bínú sí i, wọ́n ní ó ba ohun ìwádìí jẹ́. Èmi rò pé ó lóye ohun tí wọ́n sọ fún un.

Ẹ má da Èṣù pọ̀ mọ́ Ìjàpá

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa alárékérekè ní gbogbo ayé fẹ́ràn láti to Èṣù mọ́ Ìjàpá àti Ànáńsè bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Òrìṣà ni Èṣù. Ó ní ojúbọ, ó ní àwọn olùsìn, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, bí ó bá sì da ọ̀rọ̀ rú láàárín ọ̀rẹ́ méjì, ó níṣẹ́ tó ń jẹ́. Ìjàpá kò ní ojúbọ kankan. Ẹnikẹ́ni ló lè fi í ṣẹ̀sín, ikùn rẹ̀ ló sì ń rán an níṣẹ́. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹ máa fojú ẹlẹ́yà wo ọ̀kan, ẹ sì máa wá ìjìnlẹ̀ tí kò sí lára ìkejì.

Ẹ má rò pé ìgbọràn ni gbogbo wọn ń kọ́ni

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látòkè gbà pé òfin tí alárékérekè ń rú jẹ́ òfin tí àwùjọ náà fẹ́. Èèwọ̀ babaláwo ń dáàbò bo Yánníbo. Òfin oko ń dáàbò bo olóko. William Bascom, tó ṣe ìwádìí pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ ní 1954 pé ìtàn àtẹnudẹ́nu máa ń jẹ́ kí èèyàn fọkàn sá kúrò lábẹ́ òfin fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn kan náà sì ń mú òfin yẹn dúró. Òótọ́ nìyẹn, níbi tí òfin bá ti jẹ́ ti àwọn tó ń pàlọ́.

Ehoro ti àwọn ẹrú Amẹ́ríkà kò bá ìyẹn mu. Ó lẹ̀ mọ́ ère ọ̀dà tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi dẹ ẹ́, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ikú dé tán. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: ẹ fi iná sun mí, ẹ so mí kọ́, ẹ ṣáà má jù mí sínú igbó ẹlẹ́gùn-ún yẹn. Ìkà ló wà lọ́kàn Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ló jù ú sí. Ehoro sì bú sẹ́rìn-ín, torí pé inú igbó ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ti bí i. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lálẹ́, ẹlòmíràn ló ni wọ́n ní ọ̀sán, òun náà ló sì ni gbogbo òfin. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé ìtàn náà ń kọ́ni láti bọ̀wọ̀ fún òfin kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń kọ́ni ni pé alágbára máa ń fi ìkà ara rẹ̀ ṣìnà, àti pé ẹni tó mọ ibi tí wọ́n bí i sí lè rí ọ̀nà àbáyọ níbi tí ọ̀tá rò pé ó ti parí.

Ní 1880 ni Joel Chandler Harris tẹ àwọn ìtàn Ehoro wọ̀nyí sínú ìwé, ó sì fi wọ́n sẹ́nu bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó ń sọ ọ́ fún ọmọ òyìnbó. Nípasẹ̀ ìyẹn, ẹni tí Ehoro ń tàn ló wá di ẹni tó jókòó gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ìwé àwòrán tó wá lẹ́yìn rẹ̀ tún fọ̀ ọ́ mọ́ títí tó fi di eré ẹranko lásán. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ lónìí, kó kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ni òfin nígbà náà. Gbólóhùn méjì péré ló máa gbà á, kó sì jẹ́ kí Ehoro máa bá ti rẹ̀ lọ, láìfi ìyà kankan kún un.